Nígbà Tí Káàdì Bá Ju Nọ́ńbà Orí Pátákó Lọ

Ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe áàpù fóònù, ẹ óò sábà rí pátákó kan lára ògiri tàbí lójú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n pín sí òpó mẹ́rin: iṣẹ́ tó ń dúró, èyí tí wọ́n ń kọ, èyí tí wọ́n ń dán wò, àti èyí tó ti parí. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, káàdì náà a sì máa kúrò ní òpó kan bọ́ sí èkejì. Níbi tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n lò, nọ́ńbà kan wà lórí òpó méjì àárín. Iye iṣẹ́ tó lè wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Tòyótà ní Jàpáànù ni ìlànà yìí ti ṣẹ̀, níbi tí Taiichi Ohno ti fi káàdì ṣètò iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe ẹ̀yà ọkọ̀ tí ẹni tó kàn kò tíì béèrè. David Anderson wà lára àwọn tó mú un wọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde ní 2010. Ìṣirò tó gbé e ró ti wà nílẹ̀ ṣáájú, nítorí ní 1961 ni John Little ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí iṣẹ́ 12 bá wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì ń parí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni iṣẹ́ kan yóò máa gbà. Bí ẹ bá dín in kù sí mẹ́fà, tí ìparí kò sì dín kù, ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ẹnikẹ́ni kò sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe áàpù ìfowóránṣẹ́. Ẹni mẹ́rin ń kọ kóòdù, ẹni méjì ń dán an wò. Wọ́n ka iye káàdì tó wà nílẹ̀, wọ́n fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò títí nọ́ńbà kíkọ fi di 4, ti ìdánwò sì di 3. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń fò dá, wọn kò fò ó: káàdì tí wọ́n ti kọ tán, tí àwọn olùdánwò kò tíì fà, wà nínú mẹ́rin yẹn síbẹ̀. Bí wọn kò bá kà á mọ́ ọn, àwọn tó ń kọ yóò máa kó iṣẹ́ jọ síwájú àwọn olùdánwò, pátákó kò sì ní sọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Wẹsidé kan, òpó ìdánwò kún. Méjì ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀kẹta ń dúró de èsì láti báǹkì. Ní òpó kíkọ, méjì ti tán, wọ́n ń dúró. Méjì ṣì wà lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ti parí tiwọn rí i pé ọwọ́ òun ṣófo, ó fa káàdì tuntun. Ó di márùn-ún, òpó náà sì pọ́n lójú Jira. Jira kò ní dá a dúró o. Àwọ̀ nìkan ló máa yí padà. Ìpinnu kù sọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Wọ́n dá káàdì karùn-ún padà, nítorí kò tíì lọ jìnnà. Bó bá jẹ́ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni, ì bá sàn kí wọ́n parí rẹ̀, kí wọ́n má sì fa òmíràn títí iye yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni méjì tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ lọ sí ibi tí iṣẹ́ há sí. Ọ̀kan ń tún àwọn àṣìṣe tí ìdánwò hú jáde ṣe lójú ẹsẹ̀, èkejì ń pe báǹkì. Wọ́n fi àmì pupa àti ọjọ́ sára káàdì tó ń dúró de báǹkì, wọn kò sì yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá yọ irú káàdì bẹ́ẹ̀ kí nọ́ńbà lè dọ́gba, ìṣòro ló gbé pamọ́.

Ohun kan ló lè fò kọjá ààlà láìjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀: pàjáwìrì tòótọ́, bíi kí áàpù yọ owó oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà tirẹ̀ ló yẹ kó ní lókè pátákó, kí nọ́ńbà ibẹ̀ sì jẹ́ 1. Bí pàjáwìrì méjì bá dé pọ̀, ọ̀gá ni yóò yàn èyí tó ṣáájú. Èmi kò fara mọ́ ọ̀gá tó ń sọ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá fi fóònù pè é sí di pàjáwìrì. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í pẹ́ ṣíwọ́ wíwo nọ́ńbà náà.

Ti gbígbé nọ́ńbà sókè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí òpó bá pọ́n. Ìpàdé ni wọ́n gbé e lọ, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ báǹkì ti dí wọn lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta léra wọn. Ẹnìkan ní kí ìdánwò di 4. Ìyẹn ì bá fún káàdì tó ń dúró láyè, àmọ́ kò ní mú báǹkì yára. Wọ́n kúkú ṣí òpó kékeré kan fún ohun tó ń dúró de èsì ará ìta, wọ́n fi 2 sí i lórí. Ìgbà tí méjì bá ti pé níbẹ̀, wọn kò ní fa iṣẹ́ mìíràn tó kan báǹkì títí ọ̀kan yóò fi jáde, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò sì pe báǹkì.