Òfin Tí Gbogbo Èèyàn Mọ̀, Tí Ẹnikẹ́ni Ò Tíì Kà Rí

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ ìtàn nípa ìlú ọjọ́ iwájú tí ayé ti nira máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí sójà àti ìbọn. Mo ti ka mélòó kan lórí fóònù, mi ò sì gbà wọ́n gbọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbálẹ̀ ni.

Ẹ rántí Sátidé tó máa ń gbẹ̀yìn oṣù. Lọ́dún 1984, ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon gbé ètò tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Wáì jáde, pé kí ará ìlú kọ́ bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà. Nígbà tó di 1985, ó kan ìmọ́tótó: kí kálukú wà nílé láàárọ̀, kó gbálẹ̀, kó kó gọ́tà. Nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ wọn. Àwọn lọ, Sátidé wọn dúró. Ológun míì dé, alágbádá dé, síbẹ̀ lọ́dún 2013, wọ́n ṣì ń mú èèyàn l'Ékòó nítorí pé ó jáde láàárín aago méje sí mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ ká wá kọ́ ìlú tiwa sábẹ́ òkè Olósùnta, n'Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ká ní àrùn kan jà. Ìjọba ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ sí Ìsẹ̀ tàbí Emùré gbọ́dọ̀ mú káàdì dání. Ó bọ́gbọ́n mu, àbí? Èmi náà á gbà á. Àrùn lọ, àmọ́ káàdì ò lọ, torí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní gárèèjì ti fi ṣiṣẹ́, wọ́n sì lọ́mọ nílé ìwé.

Iye owó ìtanràn ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń ṣì. Tẹ́ ẹ bá fi í sí ìdajì mílíọ̀nù, ìjà á bẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi í sí ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Lọ́yà tó bá máa gbà yín sílẹ̀ á gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó kàn sanwó, ẹ ó máa bá tiyín lọ. (Mo ka ìwé òfin, èmi náà ti sanwó bẹ́ẹ̀ rí.) Kí ẹni tó ń gbowó náà má sì jẹ́ àjèjì. Kó jẹ́ Ṣẹ́gun tẹ́ ẹ jọ dàgbà ládùúgbò, tó ń sọ pé, "Ẹ má bínú, wọ́n ní ká ṣe é ni."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Bọ́lá gbé iṣu ń lọ sí Emùré, kò sí káàdì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹgbẹ̀rún méjì ni o. Òfin ni."

"Òfin wo, Ṣẹ́gun? Fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí, màá sanwó."

Ó jókòó lórí iṣu rẹ̀. Kò pariwo. Àwọn èrò ọkọ̀ ló máa kọ́kọ́ bú u, kì í ṣe Ṣẹ́gun, torí wọ́n fẹ́ tètè dé ọjà. Ẹ má fò ó. Ẹni tó ń kánjú ló ń gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ ró.

Ìbéèrè Ìyá Bọ́lá ti ṣẹlẹ̀ rí lóòótọ́. Obìnrin kan tí wọ́n mú l'Ékòó lọ́dún 2013 yẹn, tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, kò gbà. Ó gbé e dé Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Abala 36(12) nínú ìwé òfin Nàìjíríà sọ pé a ò lè dá èèyàn lẹ́bi fún ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò kọ sínú òfin, tí a ò sì kọ ìjìyà rẹ̀ síbẹ̀. Lọ́dún 2016, kóòtù dá a láre: àṣẹ tí gómìnà fẹnu pa kì í ṣe òfin tí a kọ. Lọ́dún 2015, Adájọ́ Mohammed Idris ti kọ́kọ́ dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tí lọ́yà Ebun-Olu Adegboruwa pè, pé kò bófin mu láti sé èèyàn mọ́lé. Nínú oṣù kọkànlá 2016, ìjọba Èkó fagi lé ìsémọ́lé Sátidé náà.

Ẹ wo bó ti kéré tó: ọdún mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta lóṣù. Ìjọba kankan ò wó. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní jẹ́ kí Ìkẹ́rẹ́ inú ìtàn wa dòmìnira lọ́jọ́ kejì.

Ṣẹ́gun á pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá á pe ọ̀gá. Títí di ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní rí ìwé náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á tẹ tuntun jáde, yíǹkì rẹ̀ ò ní tíì gbẹ. Ìyá Bọ́lá á gbà á, á wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, á sì wá bi Ṣẹ́gun léèrè owó gbogbo ọdún tó ti san ṣáájú ọjọ́ yẹn.