Wáí-Fáí ti wọlé, íńtánẹ́ẹ̀tì ò wọlé

Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ohùn mi, ẹ máà bínú. Ọ̀mọ̀lé la wà, wọ́n sì ti mú iná lọ láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ iná yẹn náà máa wọ inú ohun tí a fẹ́ sọ lónìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa kan ilẹ̀kùn mi. Aago mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún iṣẹ́ láago méjì, lórí fídíò, Wáí-Fáí mi sì ti bàjẹ́."

Mo ní kí ló rí lójú fóònù? Ó ní láàárọ̀, ohun tó kọ ni "Connected, no internet". Ó wá paarẹ́ orúkọ Wáí-Fáí náà, ó tún tẹ páásíwọ̀dù, ohun kan náà ló kọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló mú pín-ìnnì, ó ki í bọ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn ráútà, ó tẹ̀ ẹ́ títí gbogbo iná orí rẹ̀ fi kú tí wọ́n sì tún tàn. Láti ìgbà náà, fóònù ò tiẹ̀ wọlé mọ́ rárá.

Ìṣòro méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀bi ráútà. Èkejì, òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ fà á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀nà tí fóònù yín ń gbà dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì pín sí méjì. Apá kìíní ni láti ọwọ́ yín dé ọ̀dọ̀ ráútà tó wà nínú ilé. Apá kejì ni láti ráútà lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń san owó fún, kí ó tó jáde lọ sí gbogbo ayé. Bíi kéèyàn wọ inú ẹ́sítéètì ni: síkúríìtì dá yín mọ̀, ó ṣí géètì fún yín, ṣùgbọ́n géètì kejì tó já sí títì wà ní títì pa.

Tí fóònù bá ní òun ò lè wọlé, apá kìíní ló dàrú. Ó lè jẹ́ pé páásíwọ̀dù kò bá a mu, tàbí kí ráútà jìnnà jù. Nígbà mìíràn, páásíwọ̀dù tọ̀nà, ṣùgbọ́n fóònù dúró sórí "Obtaining IP address…" kò sì kúrò níbẹ̀. Nọ́ńbà kan ni ráútà gbọ́dọ̀ fún gbogbo fóònù tó bá wọlé, kó lè mọ ẹni tí yóò fún ní èsì. Tí kò bá fún un, fóònù yóò jáde padà. Irú èyí ni kéèyàn pa ráútà, kó ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, kó sì tún un tàn. Ó sábà máa ń ṣiṣẹ́.

"Connected, no internet" ní tirẹ̀ sọ pé apá kìíní ti parí dáadáa. Páásíwọ̀dù yín tọ̀nà, ẹ ti gba nọ́ńbà. Nítorí náà, títẹ páásíwọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹwàá kò lè ṣe ohunkóhun.

Báwo ni fóònù ṣe wá mọ̀ pé kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì? Ó máa ń dán an wò ni. Ní kété tí Android bá ti wọ Wáí-Fáí, ó máa ń ránṣẹ́ kékeré kan lọ sí àdírẹ́sì kan tí Google pèsè fún iṣẹ́ yìí:

```
http://connectivitycheck.gstatic.com/generate_204
```

Nọ́ńbà 204 ló ń retí, láìsí ọ̀rọ̀ kankan nínú èsì náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé "mo gbọ́, n kò ní nǹkan fi ránṣẹ́." Tí èsì yẹn bá dé, fóònù á dákẹ́. Tí kò bá dé, ẹ ó rí àmì ìyanu lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wáí-Fáí. Tó bá jẹ́ ojú ìwé mìíràn ló dé, bíi ti òtẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ kí ẹ kọ nọ́ńbà yàrá yín, fóònù á ní kí ẹ "Sign in to network". iPhone náà ní àdírẹ́sì tirẹ̀ tó ń bi.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Tí dátà orí síìmù yín bá wà ní títàn, Android sábà máa ń bọ́ sórí rẹ̀ láìpariwo nígbà tí Wáí-Fáí bá kùnà ìdánwò yìí. Ẹ̀ ń wo fídíò, ẹ rò pé Wáí-Fáí ni, dátà yín ló ń jó.

Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ iná. Tí wọ́n bá mú iná, tí ráútà yín kò sì sí lórí ínfátà, orúkọ Wáí-Fáí yóò pòórá pátápátá. Ìyẹn, apá kìíní. Ṣùgbọ́n tí ráútà bá wà lórí ínfátà, tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún àdúgbò kò sì ní iná, Wáí-Fáí á kún dẹ́dẹ́, íńtánẹ́ẹ̀tì ò ní sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹ bá ń bú ráútà, ibòmíràn ni àrùn wà.

Ó tiẹ̀ lè jìnnà ju àdúgbò lọ. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báńkì àti ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì wà lára àwọn tó jìyà rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àmọ́ Equiano, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní ọdún 2022, kò sí lára àwọn tó já. Ìdí nìyẹn tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi lè máa lọ nínú ilé kan, kó má lọ nílé kejì, ní ojúlé kan náà: ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ kálukú ń gbà kọjá òkun yàtọ̀.

Ẹ wá ṣe ìdánwò tiyín báyìí. Ẹ kọ́kọ́ pa dátà orí síìmù. Ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ `192.168.0.1` tàbí `192.168.1.1`. Tí ojú ìwé ráútà bá yọ, apá kìíní dára. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `1.1.1.1/cdn-cgi/trace`. Nọ́ńbà ló ṣáájú àdírẹ́sì yẹn, kò nílò kí ẹnikẹ́ni tú orúkọ sí nọ́ńbà. Tó bá ṣí, tí àwọn ojú ìwé tó ní orúkọ kò sì ṣí, ẹ lọ wo "Private DNS" nínú sẹ́tíìnì, kí ẹ dá a padà sí "Automatic". Tí ìyẹn náà kò bá ṣí, ẹ bi ẹni tó wà nínú ilé bóyá tiẹ̀ ń lọ lórí Wáí-Fáí kan náà. Tó bá ń lọ, fóònù yín ni: ẹ wo VPN, ẹ wo ọjọ́ àti aago. Tí tiẹ̀ náà kò bá lọ, ẹ wo ráútà. Lára ti fáíbà, iná pupa ní `LOS` túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ inú wáyà kò dé ilé yín mọ́. Ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ pè.

Tí kò bá sí pupa níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo ọjọ́ tí ẹ sanwó kẹ́yìn.

Ohun tó ṣe àbúrò wa gan-an nìyẹn. Owó oṣù rẹ̀ ti parí ní òru. Ìbá ti san án, kó sì máa wo fíìmù. Ṣùgbọ́n ihò tó fi pín-ìnnì bọ̀ yẹn ti dá ráútà padà sí bó ṣe rí nígbà tí wọ́n ṣe é. Orúkọ Wáí-Fáí àti páásíwọ̀dù ti di èyí tí wọ́n kọ sí abẹ́ ráútà, ìdí nìyẹn tí ti tẹ́lẹ̀ kò fi wọlé mọ́. A fi ti abẹ́ ráútà wọlé, ó sì tún kọ "Connected, no internet". A sanwó, ó ṣì ń kọ ọ́, nítorí orúkọ àti páásíwọ̀dù tí ráútà fi ń wọlé sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà ti parẹ́ mọ́ ọn, kò sì kọ ọ́ síbì kankan.

Nígbà tó fi di aago méjì ku ogún, mo ní kó gbàgbé ráútà. Ó tan họ́tísípọ́ọ̀tì lórí fóònù rẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọlé, síìmù sì gbé fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó máa tún ráútà ṣe ò dé títí di Ọjọ́bọ̀.