Mo Ti San Owó Ilé, Onílé Ní Òun Kò Rí I: Báwo Ni A Ṣe Ń Fi Í Hàn?

Ẹ jẹ́ ká fi aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń gbé yàrá méjì ní Agége, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni Bàbá onílé rẹ̀ ń gbé. ₦450,000 ni owó ilé rẹ̀ fún ọdún kan, ọjọ́ kìíní oṣù kejì ló sì gbọ́dọ̀ ti san án. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2026, ó fi owó náà ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀. Fóònù kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé Successful, báǹkì rẹ̀ sì yọ owó lójú ẹsẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́, Bàbá pè é. "Ìyá Ìbejì, mi ò tíì rí àlẹ́ẹ̀tì kankan o." Ó ya ojú fóònù rẹ̀ ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí Bàbá. Bàbá ní ayálégbé mìíràn ti fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí òun rí, òun kò sì rí owó náà títí di òní.

Kò sẹ́ni tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Obìnrin náà sanwó, Bàbá náà kò sì rí àlẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọn kò tíì ní ni ọ̀rọ̀ kan tí báǹkì tìhín àti báǹkì tọ̀hún yóò jọ gbà pé òótọ́ ni.

Nọ́ńbà méjì ló wà lórí rìsíìtì

Bí ẹ bá ṣí rìsíìtì tí fóònù yín gbé jáde lẹ́yìn tí ẹ fi owó ránṣẹ́, ẹ sábà máa ń bá nọ́ńbà méjì níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní Transaction Reference. Báǹkì tìrẹ ló fún ọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì mọ bí ó ṣe ń to tirẹ̀. Bí Bàbá bá gbé e lọ sí báǹkì tiwọn ní Abẹ́òkúta, akọ̀wé báǹkì lè wò ó títí kí ó má rí nǹkan kan, nítorí nọ́ńbà ilé ẹlòmíì ni.

Èkejì ni Session ID. Èyí ni báǹkì méjèèjì jọ mọ̀. Owó tó bá kúrò ní báǹkì kan bọ́ sí òmíràn lójú ẹsẹ̀ lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà sábà máa ń gba ọ̀nà NIP, tí iléeṣẹ́ NIBSS bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011. Báǹkì gbogbo àti Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, ló jọ ni NIBSS. Gbogbo owó tó bá gba ọ̀nà náà ló máa ń ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ òǹkà 30. Bí ti aránṣọ wa ṣe rí nìyí. Mo fi 999999 dípò nọ́ńbà báǹkì rẹ̀, kí n má baà tọ́ka sí báǹkì kankan, mo sì fi àyè sáàárín rẹ̀ kó lè rọrùn láti kà:

```
999999 260130 184207 004518236709
```

Òǹkà mẹ́fà àkọ́kọ́ dúró fún báǹkì tí owó ti jáde. Mẹ́fà tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́: ọdún 2026, oṣù kìíní, ọjọ́ 30. Mẹ́fà mìíràn ni àkókò: aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 42 àti ìṣẹ́jú-àáyá méje ní ìrọ̀lẹ́. Méjìlá tó kẹ́yìn ni àmì tó ya owó yìí sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo owó yòókù.

Onílé tó bá mọ èyí lè rí irọ́ kan kó tó dé báǹkì rárá. Bí rìsíìtì bá sọ pé ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2026 ni wọ́n sanwó, tí òǹkà àárín Session ID sì ń ka 250128, rìsíìtì ọdún tó kọjá ni ẹnì kan yí déètì rẹ̀ padà.

Àmọ́ bí báǹkì kan náà bá ni ayálégbé àti onílé ń lò, owó náà lè má gba ọ̀dọ̀ NIBSS kọjá, rìsíìtì sì lè má ní Session ID. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín lẹ́rù. Transaction Reference nìkan ti tó níbẹ̀, nítorí ìwé kan náà ni akọ̀wé báǹkì yóò ṣí fún ẹ̀yin méjèèjì.

Nọ́ńbà nìkan kò tíì sọ pé owó dé

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ayálégbé ti máa ń ṣìnà. Kí owó tó dé ibi tó ń lọ ni wọ́n ti ń fún un ní Session ID. Nítorí náà, owó tó dé ní tirẹ̀, owó tó há sójú ọ̀nà ní tirẹ̀, èyí tó padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́ náà ní tirẹ̀. Nọ́ńbà yìí ń sọ ibi tí a ó ti wá owó náà. Àkọsílẹ̀ àkáǹtì onílé ló ń sọ bóyá a bá a níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí aránṣọ wa kò fi gbọ́dọ̀ kọ ìwé kankan sí Bàbá kó tó yẹ àkáǹtì tirẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá rí ₦450,000 tó jáde, tó sì tún rí ₦450,000 tó padà wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Reversal lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tíì sanwó ilé, ohun yòówù kí fọ́tò àná máa sọ.

Ìgbà wo ló yẹ kí owó dé?

Báǹkì aránṣọ á kọ́kọ́ bi báǹkì Bàbá pé ta ló ni àkáǹtì yìí. Ìyẹn ni orúkọ Bàbá ṣe hàn lójú fóònù rẹ̀ kó tó tẹ PIN. Lẹ́yìn náà, báǹkì rẹ̀ yọ owó, ó sì fi iṣẹ́ rán NIBSS sí báǹkì Bàbá. Báǹkì Bàbá fi owó sí àkáǹtì rẹ̀, ó dáhùn pé 00, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ti parí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, gbogbo èyí kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Nígbà mìíràn, iṣẹ́ á lọ, èsì kò ní tètè bọ̀. Báǹkì tó fi owó ránṣẹ́ kò ní mọ̀ bóyá ó dé tàbí kò dé. Èsì 09 ń sọ pé iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́; lójú fóònù, ẹ lè rí Pending. Ní àkókò yìí, ẹ má fi owó mìíràn ránṣẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá kánjú tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì lè rí i pé ₦900,000 ló wà lọ́wọ́ onílé ní ọjọ́ kejì, gbígbà á padà a sì di ẹ̀bẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Ọjọ́ Ẹtì ni mo san án, ó di Ajé kó tó wọlé." Ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òótọ́ nípa ṣẹ́ẹ̀kì, nítorí ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń ṣe é. Kì í ṣe òótọ́ nípa NIP, tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, títí kan Àbámẹ́ta àti Àìkú. Ohun tó ń dúró lẹ́yìn ni ìṣirò láàárín àwọn báǹkì fúnra wọn: wọ́n á ka iye tí wọ́n jẹ ara wọn, wọ́n á sì parí rẹ̀ nínú àkáǹtì wọn ní CBN. Onílé kì í dúró de ìṣirò yẹn kó tó ná owó rẹ̀.

Ìwé tí aránṣọ kọ

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, ó yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò, owó náà kò padà. Ó wá kọ báyìí sí Bàbá:

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ kú ìsinmi. Èmi ni ayálégbé yín tó ń ránṣọ, ní ilé yín ní Agége. Mo fi owó ilé ọdún kan, ₦450,000, ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì 30/01/2026, aago 6:42 ìrọ̀lẹ́, sí àkáǹtì yín tó parí sí 4417. Owó ọjọ́ 1/2/2026 sí ọjọ́ 31/1/2027 ni. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi ni ẹ máa rí níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ èmi gan-an. Session ID rẹ̀ ni 999999260130184207004518236709. Mo ti yẹ àkáǹtì mi wò láàárọ̀ yìí, owó náà kò padà sọ́dọ̀ mi. Ẹ jọ̀wọ́ Bàbá, ẹ bá mi wo àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín, kì í ṣe àlẹ́ẹ̀tì nìkan. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi nọ́ńbà yìí han báǹkì yín. Èmi náà á dé báǹkì mi ní àárọ̀ Ajé. Ẹ ṣeun, sà."

Ẹ wò ó bí kò ṣe bá Bàbá jiyàn. Ó kọ Session ID gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kò fi í sínú fọ́tò, kí wọ́n lè dà á kọ láì ṣi òǹkà kan. Kò sì sí ewu nínú fífún ènìyàn ní nọ́ńbà yìí, nítorí kò sẹ́ni tó lè fi í yọ owó. PIN, BVN àti nọ́ńbà àṣírí tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù ni kò gbọ́dọ̀ sí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ọmọ Bàbá bá a ṣí àkáǹtì rẹ̀ lórí fóònù. ₦450,000 wà níbẹ̀ láti aago 6:42 ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, pẹ̀lú orúkọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni kò wọlé. Ọ̀nà tí owó ń gbà dé yàtọ̀ sí ọ̀nà tí àlẹ́ẹ̀tì ń gbà dé, èkejì sì lè há kí ti àkọ́kọ́ má há.

Bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Ayálégbé ni yóò gbé ẹjọ́ lọ sí báǹkì tirẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó ti jáde. Kó mú Session ID dání, kó sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí báǹkì kò bá yanjú rẹ̀, ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN wà láti gbọ́ ẹjọ́ náà.

Bí owó bá ti dé, ìwé ló kù

Session ID ń jẹ́rìí pé owó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Kò sọ pé owó ilé ni, kò sì sọ ti ọdún wo. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, sọ ní abala 5 pé onílé gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní rìsíìtì. Ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ ni ọjọ́ tí a gba owó, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti àkókò tí owó náà wà fún. Òfin náà dé Agége, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ayálégbé, ẹ má dákẹ́ nígbà tí onílé bá ní, "Mo ti rí i." Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ rìsíìtì, kí ẹ sì kọ Session ID sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin onílé náà, ẹ ṣí àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní onígbèsè.