Kí Ìlà Má Ṣe Kúrò Láyè Rẹ̀
Ìwé ìlàlóye fún àwọn akọ̀wé tí ń kó rẹ́jísítà abẹ́rẹ́ àjẹsára sínú kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin akọ̀wé ilé ìwòsàn, àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí a fi iṣẹ́ àkọsílẹ̀ kún iṣẹ́ abẹ́rẹ́ fún, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kò ju ọ̀rọ̀ rẹ́jísítà àtijọ́ lọ, èyí tí a ti fi ẹ̀rọ sikáànù ya àwòrán ojú-ìwé rẹ̀, tí a sì ń tẹ ohun tó wà nínú àwòrán náà sínú ṣíìtì kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lónìí mọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan bá dé lọ́dún mẹ́ta sí òní, tó ní ọmọ òun ti gba Penta ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tí ṣíìtì sì ń wí pé kò gbà á, ta ni yóò mọ ojú-ìwé tí a ó ṣí wò? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Nọ́ńbà ìlà ni ẹ̀yìn tí akọ̀wé ní láti máa bojú wò.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan yẹ̀ wò. Rẹ́jísítà abẹ́rẹ́ a máa fẹ̀ dé ojú-ìwé méjì tó kọjú sí ara wọn: orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti abúlé òbí rẹ̀ wà ní apá òsì, ọjọ́ tó gba BCG, Penta 1, 2 àti 3, àti abẹ́rẹ́ èèyi, wà ní apá ọ̀tún, ìlà sì dọ́gba pẹ̀lú ìlà. Ká ní àwòrán kẹtàdínlógójì ní ìlà 25, tí nọ́ọ̀sì sì ti fi bírò fa igi lé ìlà kọkànlá ní apá òsì nítorí pé ó kọ orúkọ kan ṣì. Akọ̀wé tó ń tẹ apá òsì fo ìlà tí a fagilé yìí, ó rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ tó ń tẹ apá ọ̀tún kò fò ó, ó fi í sílẹ̀ lófìfo. Nígbà tí wọ́n kó apá méjèèjì pọ̀, ọmọ tó wà ní ìlà kejìlá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àlàfo ìlà kọkànlá, bí ẹni pé kò gba abẹ́rẹ́ kankan rí; ọmọ ìlà kẹtàlá gba ọjọ́ abẹ́rẹ́ ti ìlà kejìlá; bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń gbé ẹrù ẹlòmíràn títí dé ìsàlẹ̀ ojú-ìwé.

Ohun tó mú kí àṣìṣe yìí burú ni pé ojú kì í tètè rí i. Àwọn ọmọ tí orúkọ wọn tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ́jísítà sábà máa ń jẹ́ ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ kan náà tàbí ọ̀sẹ̀ méjì sí ara wọn. Nítorí náà, bí a bá gbé ọjọ́ Penta ọmọ kan fún èkejì, ó lè dà bí ẹni pé ó ṣì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá tí ètò là sílẹ̀. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó hàn gbangba ni ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, níbi tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ yóò ti wà láìní orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ tún ṣíìtì ṣe kó lè rẹwà, tó pa ìlà aláìlórúkọ náà rẹ́, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ tẹ gbogbo ìlà, àti èyí tí a fagilé, àti èyí tó ṣófo láàárín, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀ àwòrán. Kí a tó tẹ orúkọ ẹnikẹ́ni ni kí a ti kọ nọ́ńbà àwòrán àti nọ́ńbà ìlà, kí ẹni tó ń tẹ apá òsì àti ẹni tó ń tẹ apá ọ̀tún sì lo nọ́ńbà kan náà. Nọ́ńbà tí nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú rẹ́jísítà kò lè rọ́pò èyí, nítorí òmíràn a máa tún bẹ̀rẹ̀ láti orí 1 ní oṣooṣù, òmíràn a sì máa fo ìlà tí a fagilé. Ẹ tẹ ẹ́ bó ti wà, ṣùgbọ́n kó ní òpó tirẹ̀.

```
itopa,aworan,ila,nomba_rejista,ipo
p037-10,37,10,214,
p037-11,37,11,,fagile
p037-12,37,12,215,
```

Òpó àkọ́kọ́ ni àmì ìtọpa. Lẹ́tà `p` tó ṣíwájú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́: bí ẹ bá tẹ `3-4` lásán, Excel yóò sọ ọ́ di ọjọ́ nínú oṣù, bí ẹ bá tẹ `037`, yóò gé òdo iwájú rẹ̀ kúrò. Bí nọ́ńbà àwòrán bá wà ní òpó B, tí ti ìlà sì wà ní òpó C, kọ̀ǹpútà lè bá yín hun àmì náà:

```
="p"&TEXT(B2,"000")&"-"&TEXT(C2,"00")
```

Bí ó bá ti hun ún tán, ẹ ṣe àdàkọ òpó náà, kí ẹ sì fi `Paste Values` lẹ̀ ẹ́ padà sí àyè rẹ̀, kó di ọ̀rọ̀ tí kì í yí padà mọ́. A ti rí ẹni tó fi `=ROW()` ka ìlà rẹ̀, tí inú rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tó to orúkọ ní a-b-d, nọ́ńbà náà tún ara rẹ̀ kà láti òkè, ọ̀nà ìpadàbọ̀ sì dí pátápátá.

Ọ̀rọ̀ títò yìí náà ló mú wa dé orí àmì bákan náà, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ràn púpọ̀: bí ọmọ márùn-ún bá ti abúlé kan wá, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń kọ orúkọ abúlé, wọn a sì fi àmì kékeré méjì sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Òkè ni àmì náà ń wò; bí ìlà òkè rẹ̀ bá ti yí padà, ó ti di ará abúlé mìíràn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tẹ àmì náà bí ẹ ti rí i, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí òpó tuntun tí ẹ ó kọ orúkọ abúlé sí ní kíkún, kí ẹnikẹ́ni tó to ohunkóhun.

Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ tò ó, gbogbo òpó ni kí ẹ mú. Bí Excel bá béèrè, `Expand the selection` ni kí ẹ yàn. Bí ẹ bá to òpó orúkọ nìkan, orúkọ nìkan ni yóò rìn, ọjọ́ ìbí yóò sì dúró sílé. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Láti padà sí ètò rẹ́jísítà, ẹ to gbogbo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òpó `itopa`.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba àkókò. Ẹ ṣí àwòrán kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ìlà rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú ṣíìtì bá a mu; lẹ́yìn náà, ẹ mú ìlà àkọ́kọ́, ìlà kan ní àárín àti ìlà tó kẹ́yìn, kí ẹ fi òsì àti ọ̀tún wọn wé àwòrán. Bí ti àkọ́kọ́ bá tọ̀nà, tí ti ìkẹyìn sì yẹ̀, àárín wọn ni ìlà kan ti sọnù. Àyẹ̀wò yìí kò lè mú orúkọ tí a ṣì kà. Ohun tó lè ṣe ni pé kó fi ibi tí a ó ti tún un kà hàn wá.

Bí ẹ bá parí ojú-ìwé kan, ẹ fi ẹ̀dà tí a kò tíì tò pamọ́ sínú fódà kan náà pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Ẹ̀dà mìíràn ni kí ẹ máa tò, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pa òpó `itopa` rẹ́ kúrò nínú èyíkéyìí tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.