Ọ̀pá Onípele: Èwo Ló Ń Fi Ìpín Hàn?

Ọ̀pá onípele ni àwòrán ìṣirò tí wọ́n fi ń to iye oríṣiríṣi nǹkan léra nínú ọ̀pá kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà yà á. Nínú ti àkọ́kọ́, gíga ọ̀pá ni àpapọ̀ iye ọdún náà, nítorí náà ọ̀pá kan lè ga ju òmíràn lọ. Nínú ti èkejì, gbogbo ọ̀pá ló ga dọ́gba, wọ́n sì pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìdá 100. Nínú Excel, Stacked Column ni ti àkọ́kọ́, 100% Stacked Column sì ni ti èkejì.

Iye ènìyàn inú ayé fi ìyàtọ̀ wọn hàn kedere. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.5 ni wá ní ọdún 1950. Ní 2022, a ti tó bílíọ̀nù 8. Láàárín ìgbà náà, àwọn ará Yúróòpù kúrò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 550, wọ́n di mílíọ̀nù 740. Nínú ọ̀pá àkọ́kọ́, ńṣe ni ìpele Yúróòpù nípọn sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá pín mílíọ̀nù 740 sí bílíọ̀nù 8, tí a sì sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 100, ìdá 9 péré ló kù, bẹ́ẹ̀ ìdá 22 ni ní 1950. Irọ́ kò sí nínú àwòrán méjèèjì: Yúróòpù pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ àwọn yòókù ló yára jù ú lọ. Áfíríkà nìkan gbéra láti ìdá 9 dé ìdá 18.

Ọ̀pá ọlọ́gọ́rùn-ún náà ní àléébù tirẹ̀, nítorí pé ó fi àpapọ̀ pamọ́. Láti 2000 sí 2022, ìpín Éṣíà sọ̀ láti ìdá 61 sí ìdá 59. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan lè rò pé àwọn ará Éṣíà ń dínkù, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n fi nǹkan bíi bílíọ̀nù kan lé sí i. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àpapọ̀ iye ọdún kọ̀ọ̀kan wà ní kíkọ sórí ọ̀pá rẹ̀.

Ìṣòro kan tún wà tó kan àwọn méjèèjì. Ìpele ìsàlẹ̀ nìkan ló ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo ní gbogbo ọdún. Àwọn tó wà láàárín ń gòkè sọ̀kalẹ̀, ojú kò sì lè wọ̀n wọ́n dáadáa. Nínú ọ̀pá ọlọ́gọ́rùn-ún, ìpele òkè náà rọrùn láti wò, torí ojú kan náà ni orí gbogbo ọ̀pá dé. Nítorí náà, bí Áfíríkà àti Yúróòpù bá ni ọ̀rọ̀ dá lé, kí ọ̀kan wà nísàlẹ̀, kí èkejì wà lókè.

Bí ìbéèrè bá jẹ́ "mélòó ni?", ọ̀pá àkọ́kọ́ ni kí ẹ yà. Bó bá jẹ́ "ìdá mélòó nínú gbogbo rẹ̀?", ọlọ́gọ́rùn-ún ni.