Ohun Tí A Ní, Ohun Tí A Jẹ

Ẹni tó bá ti dá èésú rí ti mọ ìdajì ìṣirò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ká ní ènìyàn mẹ́wàá ń dá ₦50,000 lóṣooṣù. Ẹni tó kó ní oṣù kejì gba ₦500,000. Nígbà tí oṣù mẹ́fà bá pé, ₦300,000 ló ti dá, ó sì ku ₦200,000 tó jẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò kó ní oṣù kẹsàn-án náà ti dá ₦300,000, kò sì tíì kó kọ́bọ̀, owó rẹ̀ wà níta. Iye kan náà ni àwọn méjèèjì dá, síbẹ̀ ọ̀kan jẹ gbèsè, èkejì ní owó lọ́wọ́ ènìyàn. Gbogbo ẹni tó ń dá èésú ló mọ èyí lórí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe ni pé ká ṣe irú ìṣirò yìí fún gbogbo ohun tí a ní àti gbogbo ohun tí a jẹ, lórí ìwé kan ṣoṣo, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Luca Pacioli, àlùfáà ìjọ Àgùdà tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní ilẹ̀ Ítálì, fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ìlú Fẹ́nísì ní 1494. Ó ní ibẹ̀ ni kí oníṣòwò ti bẹ̀rẹ̀ ìwé owó rẹ̀: kó kọ owó tó wà nílẹ̀ àti ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye ṣáájú, torí pé ìwọ̀nyí ló tètè ń sọnù, kó kọ àwọn tó jẹ ẹ́ àti àwọn tí òun náà jẹ, kó sì parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Bí o bá ka aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù lónìí, tí o wá ka owó báńkì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, aṣọ tí o tà láàárín kan yóò wọ ìwé lẹ́ẹ̀mejì, bí aṣọ àti bí owó.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági n'Íbàdàn, ká ní òun ló kó èésú ní oṣù kejì yẹn. Owó ọwọ́ àti ti báńkì rẹ̀ jẹ́ ₦400,000. Ó ra ọjà inú ṣọ́ọ̀bù ní ₦1,800,000, àmọ́ àwọn kan ti pẹ́, àwòrán ara wọn ti kọjá ìgbà. Bó bá ní kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ lónìí, ₦1,500,000 ni yóò rí, iye yẹn ni kó kọ. Àwọn tó ra àwìn jẹ ẹ́ ní ₦350,000, ṣùgbọ́n ₦100,000 nínú rẹ̀ wà lọ́rùn ẹnì kan tí kò gbé fóònù mọ́ láti ọdún méjì. Kó yọ ìyẹn kúrò, kó kọ ₦250,000. Bó bá padà san án, a jẹ́ pé ó ní èrè ní ọdún yẹn. Ó ní ₦600,000 nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó sì ní ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan tó lè tà ní ₦2,000,000. Ilé bàbá rẹ̀ tí wọn kò tíì pín kò gbọdọ̀ wọ ìwé yìí, torí kò lè dá a tà. Àpapọ̀ jẹ́ ₦4,750,000.

Ó wá ku apá kejì, èyí tí ojú ń tì wá láti kọ. Gbèsè èésú ₦200,000. Ẹ̀yáwó alájẹṣẹ́kù tó kù ₦900,000. Ẹni tó ń kó ọjà fún un láwìn, ₦700,000. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń tan ènìyàn jẹ jù, torí pé aṣọ náà wà lórí pẹpẹ, ó ń dán, ó sì dà bíi pé tẹni ni. Àpapọ̀ gbèsè rẹ̀ jẹ́ ₦1,800,000. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an ni ₦2,950,000.

Kó tún ìṣirò náà ṣe láìka ilẹ̀ mọ́ ọn. ₦950,000 péré ló kù. Ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń tà láàárín ọ̀sẹ̀ kan bí àìsàn bá dé, nítorí náà iye kékeré yìí ló ń sọ bí ara ti lè gba ìyà tó lójijì. Èmi a máa kọ méjèèjì.

Ọjọ́ tí a yàn ṣe pàtàkì fún aláṣọ. Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá síwájú lọ́dọọdún, nítorí náà ẹni tó bá ka tirẹ̀ ní òpin oṣù kẹfà lè bá ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo lọ́dún kan, kó sì bá ṣọ́ọ̀bù tó kún fọ́fọ́ lọ́dún mìíràn. Òpin oṣù kìn-ín-ní dára fún un, lẹ́yìn tí ọjà Kérésì ti lọ, tí àwọn oníbàárà sì ti san díẹ̀.

Bó bá wá di ọdún kejì, tí iye náà di ₦3,400,000, kó má tíì yọ̀. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan ní ọ̀dọ̀ ìjọba. Nígbà tí 2024 fi parí, ó ti ju ₦1,500 lọ. Owó ọjà gòkè tẹ̀lé e. Nítorí náà kó kọ iye tí wọ́n ń ta ankara yáàdì mẹ́fà lọ́jọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Bí ó bá jẹ́ ₦10,000 lọ́dún àkọ́kọ́, ₦2,950,000 rẹ̀ lè ra aṣọ 295. Bí aṣọ kan náà bá di ₦16,000 lọ́dún kejì, ₦3,400,000 kò ra ju 212 lọ.