Yìnyín Òru fún Ooru Ọ̀sán

Lábẹ́ ilé gogoro Bánkì ọf Amẹ́ríkà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà Bíráyáńtì ní Niu Yọ́ọ̀kì, táńkì 44 ló tò lọ bẹẹrẹ. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí àwọn òṣìṣẹ́ ti relé, omi inú àwọn táńkì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Bí oòrùn bá mú lọ́jọ́ kejì, yìnyín yẹn á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, á sì máa bá wọn mú ilé alájà 55 náà tutù.

Owó iná ló fa gbogbo wàhálà yìí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gba owó iná lọ́wọ́ irú ilé ńlá bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni iye iná tí wọ́n lò. Èkejì, tó sábà máa ń dunni jù, ni agbára tó pọ̀ jù lọ tí ilé náà fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín oṣù. Ọ̀sán gbígbóná kan péré ti tó láti sọ owó oṣù náà di gọbọi. Ṣílà, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń mú omi tutù fún ẹ̀rọ amúlétutù, ló sì máa ń fà jù lọ́sàn-án ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Omi inú táńkì kì í jáde. Páìpù oníke tẹ́ẹ́rẹ́ ló lọ́ yípo nínú rẹ̀, omi tí wọ́n pò mọ́ gíláíkọ́ọ̀lù kí ó má baà dì ló sì ń gba inú páìpù náà kọjá. Lóru, ṣílà á mú àdàpọ̀ yìí tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 5 nísàlẹ̀ òdo Sẹ́síọ́ọ̀sì, omi tó yí páìpù ká á sì dì. Lọ́sàn-án, àdàpọ̀ kan náà á gbé ooru ilé wá, yìnyín á sì gbà á. Ooru tó ń yọ́ kílò yìnyín kan tó láti gbé kílò omi kan láti ìwọ̀n òdo dé nǹkan bí ìwọ̀n 80. Ìdí nìyẹn tí táńkì tí kò tóbi fi lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Ká ní ọ́fíìsì kan ń ṣiṣẹ́ láti aago 8 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, tí ooru tí wọ́n ní láti kó jáde níbẹ̀ ń dé 1,000 kílówáàtì nígbà tí oòrùn bá mú jù. Òwúrọ̀ kì í gbóná tó ọ̀sán, nítorí náà àròpọ̀ iṣẹ́ wákàtí 10 náà jẹ́ 7,500 kílówáàtì-wákàtí. Láìsí yìnyín, ṣílà tó lè kó 1,000 ni wọn ì bá rà. Bí yìnyín bá wà, ṣílà á lè ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, àmọ́ agbára rẹ̀ ń dín kù lóru nítorí pé òtútù tí wọ́n ń wá jinlẹ̀ ju ti ọ̀sán lọ. Bí a bá ní ìdá 65 nínú 100 ló kù, wákàtí 14 òru kò ju wákàtí 9.1 ọ̀sán lọ. Tí a bá fi 10 kún un, ó di 19.1, tí a bá fi èyí pín 7,500, ṣílà 393 ti tó. Yìnyín tó máa ṣe ìyókù, bíi 3,570 kílówáàtì-wákàtí, á jẹ́ tọ́ọ̀nù 38 àti ààbọ̀.

Àwọn kan fẹ́ kí ṣílà má ṣiṣẹ́ rárá lọ́sàn-án. Fún ọ́fíìsì yìí, ìyẹn ń béèrè ṣílà 824 àti yìnyín tọ́ọ̀nù 81. Níbi tí iná ọ̀sán kò bá wọ́n kọjá ààlà, ọgbọ́n wà nínú èyí àkọ́kọ́: ẹ̀rọ rẹ̀ kéré, táńkì rẹ̀ sì kéré.

Ibi tí ètò yìí ti ń bàjẹ́ jù ni kí yìnyín tán ní aago 2 nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn. Ní ilé tó ṣì ní ṣílà ńlá tẹ́lẹ̀, wọ́n á tan gbogbo rẹ̀, mítà á sì kọ gongo tuntun sílẹ̀; iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ti ṣòfò nìyẹn. Ẹni tó ń bójú tó o ní láti mọ iye yìnyín tó kù. Yìnyín fẹ̀ ju omi lọ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, nítorí náà bí táńkì bá ṣe ń dì ni omi inú rẹ̀ ń ga sí i, tó sì ń lọ sílẹ̀ bó bá ń yọ́. Àmì mìíràn ni pé àdàpọ̀ tó ń jáde láti inú táńkì á máa gbóná sí i bí yìnyín bá fẹ́ tán. Ewu tún wà lóru: bí fáàfù kan kò bá pa dáadáa, tí àdàpọ̀ tó tutù rékọjá òdo bá yà lọ síbi tó ti ń pàdé omi lásán tó ń yí ilé ká, omi náà lè dì kí ó sì fọ́ irin àárín wọn.

Ní Nàìjíríà, iye wákàtí tí iná ń wà lójúmọ́ ni wọ́n fi pín àwọn oníbàárà sí ìpele, kì í ṣe wákàtí tí wọ́n lò ó. Bí owó yúnìtì bá jẹ́ ọ̀kan náà lọ́sàn-án àti lóru, yìnyín kò lè dín owó iná kù. Ó tiẹ̀ lè fi kún un, torí ṣílà ń jẹ iná díẹ̀ sí i fún ìtutù kan náà bó bá ń ṣe yìnyín. Èrè tó lè wà fún ilé tó gbára lé jẹnẹrétọ̀ ni pé ṣílà 400 kò béèrè jẹnẹrétọ̀ tó tóbi tó ti ṣílà 1,000.